Ọdún ni àbí tópíìkì? Bẹ́ẹ ṣe máa yan orúkọ fún fídíò lẹ́sìn WAEC àti JAMB

Fídíò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní màtí ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, mo máa ń fi fóònù ká lẹ́sìn náà sílẹ̀, mo á wá gbé e sórí Yútúùbù kí àwọn tí ò ráàyè wá lè wò ó nílé. Lọ́jọ́ kan a ṣe béárìn, ìṣẹ́jú 24 ló gbà, mo gbé e sókè, orúkọ tí mo fún un rèé:

```
Maths Lesson 14 (Part 2)
```

Ìyá kan tó ń taṣọ ní Odò-Ògbè, tọ́mọ rẹ̀ wà ní SS3, pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní ẹ ti kọ́ wọn ní béárìn, mo ti wá a títí lórí fóònù, mi ò rí i." Fídíò yẹn wà níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kò síbi kankan tí mo kọ béárìn sí, kò sí lókè, kò sí nísàlẹ̀, èmi nìkan ló mọ̀ pé béárìn ni "Lesson 14". Ohun tí wọ́n ń pè ní métádátà náà nìyẹn: gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ yí fídíò ká, àkọlé rẹ̀, àlàyé abẹ́ rẹ̀, ṣápítà, tágì, orúkọ pléélísìtì, orúkọ fáìlì pàápàá. Òun lẹ́ni tó ń wá nǹkan máa kọ́kọ́ rí kó tó tẹ pléè, òun náà sì ni Yútúùbù máa ń wò kó tó mọ ẹni tó yẹ kó fi hàn.

Nígbà tí mo wá jókòó láti tún un ṣe, mo rí i pé ọ̀nà mẹ́ta làwa tíṣà máa ń gbà sọ fídíò lórúkọ, kálukú ló sì ní ẹni tó máa ń fà.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Àkọ́kọ́, ọdún àti nọ́ńbà ìbéèrè:

```
WAEC May/June 2019 Maths Theory Question 10 Solved
```

Ìkejì, tópíìkì:

```
Bearing and Distance (Back Bearing, Cosine Rule): WAEC/JAMB Maths, SS2
```

Ìkẹta, ìlérí:

```
How to Get A1 in WAEC Maths (Watch Before Your Exam!)
```

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọdún ná. Ẹni tó máa tẹ irú nǹkan yẹn ni ọmọ tó ní ìwé pásìtì kúẹ́ṣìn lọ́wọ́, ó ti ṣe é dé ìbéèrè kan, ó há, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, kò sẹ́ni tó máa bi. Fún ọmọ yẹn kò sí àkọlé tó dáa ju èyí lọ, torí ohun tó wà lójú ìwé rẹ̀ gan-an ló máa tẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ yanjú nínú fídíò, ẹ lo ọ̀nà yìí.

Àmọ́ wàhálà rẹ̀ wà níbi tí ọ̀pọ̀ wa ò fojú sí. Wọ́n á kọ "WAEC 2019 Question 4" wọ́n á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Question 4 wo? Pépà kìíní màtí ní ìbéèrè ọbujẹ́tífù 50, pépà kejì tíọ́rì ní ìbéèrè 13, márùn-ún àkọ́kọ́ ni dandan, lẹ́yìn náà ọmọ á mú márùn-ún nínú mẹ́jọ tó kù. Nọ́ńbà 4 wà nínú méjèèjì! Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan náà kì í ṣe ìdánwò kan ṣoṣo, àwọn ọmọ iléèwé ń ṣe tiwọn ní May/June, àwọn tó ń ṣe é láyè ara wọn, èyí táwọn èèyàn ṣì ń pè ní GCE, ní ìbéèrè tiwọn lọ́tọ̀. Ọmọ tó bá lọ wo ti GCE nígbà tí ìwé May/June wà lọ́wọ́ rẹ̀ á rò pé ìwé òun ni kò dáa, àbí tíṣà ló ń purọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá máa lo ọdún, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ pé: ìdánwò wo, ìgbà wo nínú ọdún, ọbujẹ́tífù ni àbí tíọ́rì, nọ́ńbà mélòó. Èyí kan tó bá sọnù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkọlé yẹn ti di àròsọ.

Ti JAMB tún yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí àṣìṣe jù. Ìdánwò JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, 60 fún Òyìnbó, 40-40 fún àwọn sọ́bíjẹ́ẹ̀tì mẹ́ta yòókù. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ọmọ yín kọ́ ló wà lójú ti ẹni tó jókòó tì í. Kò wá sí nǹkan tó ń jẹ́ "JAMB Question 7" tí gbogbo ọmọ jọ mọ̀ mọ́. Ìwé pásìtì kúẹ́ṣìn tí wọ́n ń tà, kálukú ló to tiẹ̀ bó ṣe wù ú, nọ́ńbà inú ìwé kan lè má bá ti èkejì mu. Fún JAMB, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, tópíìkì ni kẹ́ ẹ mú.

Kí ló dé tí mo fi mú tópíìkì fún lẹ́sìn tó gùn

Ọmọ tí tíṣà ti kọ́ ní béárìn níléèwé tí kò yé, "bearing" ló máa tẹ̀. Ìyẹn ò nílò àlàyé. Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni òbí. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé òbí á máa wá "WAEC maths lesson" lásán, torí wọn ò mọ ohun tọ́mọ ń kọ́. Nígbà tí mo bi ìyá Odò-Ògbè yẹn pé kí lẹ tẹ̀ gan-an mà, ó ní òun ṣí nóòtù ọmọ òun, òun wo ohun tí wọ́n kọ sókè tí wọ́n fà nísàlẹ̀, òun tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà níbẹ̀. Ìyá yẹn ò mọ béárìn, ṣùgbọ́n ó mọ ìwé kà, ó lè ṣe àdàkọ. Àkọlé inú nóòtù ọmọ ni ibi tọ́mọ àti òbí ti pàdé, orúkọ yẹn gan-an ló yẹ kó wà lórí fídíò.

Ẹ má wá lọ dá orúkọ tuntun sílẹ̀ o. Ẹ wo sílábọ́ọ̀sì. Nínú ti WAEC àti ti JAMB, abẹ́ Trigonometry ni béárìn wà, àwọn tíṣà níléèwé sì sábà máa ń kọ ọ́ sí pátákó báyìí: "Bearing and Distance". Tẹ́ ẹ bá kọ "Trigonometry" nìkan, ó ti fẹ̀ jù, ọmọ tó ń wá béárìn á bọ́ sínú sáìn àti kósáìn ti SS1, á sì jáde. Tẹ́ ẹ bá kọ "Bearing of R from P using cosine rule in non-right-angled triangle", ó ti há jù, kò sẹ́ni tó máa tẹ gbogbo ìyẹn. Ìwọ̀n tó dáa ni ìwọ̀n àkọlé nóòtù.

Bẹ́ ẹ ṣe tò ó náà ṣe pàtàkì. Yútúùbù gbà yín láàyè lẹ́tà 100 fún àkọlé, ṣùgbọ́n ojú fóònù kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn, tí wọ́n bá tún fi líǹkì ránṣẹ́ sórí Wásáàpù, á tún gé e kúrú. Ẹ wo méjì yìí:

```
WAEC NECO JAMB GCE Mathematics Complete Tutorial for SS1 SS2 SS3: Bearing
Bearing and Distance (Back Bearing, Cosine Rule): WAEC/JAMB Maths, SS2
```

Ọ̀rọ̀ inú méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ ti àkọ́kọ́, tó bá dé orí Wásáàpù gúrúùpù àwọn òbí, "WAEC NECO JAMB GCE Mathematics Comp..." ni wọ́n máa rí, tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ lẹ ṣe sọ fídíò 30 lórúkọ, gbogbo wọn á jọra bí ìbejì. Ti ìkejì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gan-an ti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ti ìlérí ńkọ́? Èmi ò lò ó mọ́. Ó máa ń fa òbí, mi ò ní purọ́, torí òbí ló ń sanwó ìdánwò, A1 ló ń wù ú. Ṣùgbọ́n òbí kọ́ ló máa jókòó wò ó, ọmọ ni, ọmọ á sì béèrè pé tópíìkì wo lẹ fẹ́ kọ́ mi. Èyí tó tún burú jù ni tí wọ́n bá fi "expo" kún un. Gbogbo wa la mọ ohun tí ẹ̀sípò jẹ́, ìbéèrè tí wọ́n jí jáde. Mo ti rí tíṣà tó ń kọ́ni dáadáa, tó jẹ́ pé lẹ́sìn tòótọ́ ló wà nínú fídíò, tó wá kọ `2025 WAEC maths expo` sísàlẹ̀ kí èèyàn lè pọ̀. Ẹni tó ń wá ẹ̀sípò á wọlé, kò ní rí i, á jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, òbí tó rí ọ̀rọ̀ yẹn á sá, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin Yútúùbù fúnra rẹ̀ lòdì sí àkọlé tàbí àlàyé tó ń tan èèyàn jẹ, wọ́n lè yọ fídíò yẹn kúrò. Gbogbo ẹ̀ ló bà á jẹ́.

Àkọlé jẹ́ ti ọmọ, ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ jẹ́ ti òbí

Àlàyé abẹ́ fídíò lè gùn tó lẹ́tà 5000, ṣùgbọ́n ìlà bíi méjì péré ló máa ń hàn kéèyàn tó tẹ̀ ẹ́ kí ìyókù ṣí. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìlà méjì yẹn kí èèyàn káàbọ̀ sí ṣánẹ́lì. Èyí ni mo kọ tẹ́lẹ̀:

```
Welcome to my channel. Please like, share and subscribe.
```

Èyí ni mo fi rọ́pò rẹ̀:

```
SS2-SS3 Maths, 24 minutes. Know the cosine rule first.
Fún òbí: ìbéèrè tí ọmọ máa dá ṣe wà ní 21:05.
Ìdáhùn rẹ̀: 10 km, 097°.
```

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi ìdáhùn yẹn. Ìbéèrè tí mo fi síparí fídíò ni pé ọkọ̀ ojú omi kan gbéra láti P, ó rin kìlómítà 8 ní béárìn 060° dé Q, ó wá rin kìlómítà 6 ní béárìn 150° dé R, báwo ni R ṣe jìnnà sí P tó, kí sì ni béárìn R láti P. Ọmọ tó bá mọ béárìn padà, ìyẹn 060 + 180 tó jẹ́ 240, á yọ 150 kúrò nínú rẹ̀, á rí i pé igun tó wà ní Q jẹ́ 90°. Pàítágórásì ló kù, 8 àti 6 á fún un ní 10. Fún béárìn, á wá igun tó wà ní P, táńjẹ́ǹtì rẹ̀ jẹ́ 6 lórí 8, igun náà á jẹ́ bíi 37°, á fi kún 060, ó di 097°. Òbí ò nílò kó mọ ìkankan nínú èyí. Ohun tó nílò ni kó jẹ́ kọ́mọ ṣe é sórí pépà láìwo fóònù, kó wá fi ìdáhùn ọmọ wé ti abẹ́ fídíò. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ 097° bó ṣe yẹ, kì í ṣe 97°, torí fígọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń fi kọ béárìn, òbí tó ń wò ó gbọ́dọ̀ rí òdo yẹn kedere.

Tẹ́ ẹ bá rò pé ọmọ á lọ jí ìdáhùn wò, ẹ lè gbé ìdáhùn lọ sísàlẹ̀ pátápátá níbi tí kò ti ní hàn kéèyàn tó ṣí i, kẹ́ ẹ kàn kọ "ìdáhùn wà nísàlẹ̀" sókè. Àwọn tíṣà kan fẹ́ran bẹ́ẹ̀. Èmi fi sókè torí mo mọ àwọn òbí tí mò ń bá ṣe, àárín ọjà ni wọ́n wà, wọn ò lè máa wá a kiri.

Ṣápítà ni àbí kẹ́ ẹ gé fídíò sí wẹ́wẹ́?

Ìṣẹ́jú 24 gùn fún ọmọ tó ń fi dátà 500MB ṣe gbogbo nǹkan. Ọ̀nà méjì ló wà, kẹ́ ẹ gé e sí fídíò márùn-ún, àbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lọ́kan kẹ́ ẹ kọ ṣápítà sí i. Tẹ́ ẹ bá gé e, fídíò kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀, wọ́n á lè rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àmọ́ ọmọ á bọ́ sórí apá kẹta láìrí béárìn padà tó wà ní apá kejì, igun 90° yẹn ò wá ní yé e láéláé. Tẹ́ ẹ bá kọ ṣápítà, ọmọ lè fò lọ síbi tó há sí láìjẹ dátà ti iwájú, bó bá sì rí i pé ìpìlẹ̀ ni ò yé òun, ó lè padà sẹ́yìn lójú ibi kan náà. Tèmi rèé:

```
00:00 Three-figure bearing
03:40 Back bearing
08:15 Example 1: right angle
14:30 Example 2: cosine rule
21:05 Try this yourself
```

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ ọ́, kò hàn rárá, mo ń wò ó pé kí ló dé. Àṣé `00:20` ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ìṣẹ́jú àáyá 20 àkọ́kọ́ ni mo fi kí àwọn ọmọ. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti `00:00`, ó kéré tán kó jẹ́ mẹ́ta, kí àkókò wọn máa lọ sókè, kí ṣápítà kọ̀ọ̀kan má sì dín ní ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹyọ kan tó bá yẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, gbogbo rẹ̀ ò ní hàn, Yútúùbù ò sì ní pariwo fún yín.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé tópíìkì kan, fídíò kan, ṣápítà nínú rẹ̀. Pásìtì kúẹ́ṣìn tíọ́rì ni mo máa ń gé, ìbéèrè kan fídíò kan, torí ọmọ tó ń wá nọ́ńbà 10 ò wá nọ́ńbà 9.

Àwọn kékeré tó kù

Tágì: ẹ má pa ara yín. Yútúùbù fúnra wọn sọ pé ipa rẹ̀ kò tó nǹkan, ibi tó ti wúlò jù ni ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń ṣì kọ. Mo kọ `bering` àti `bearin` sí tèmi, ó parí.

Ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá àwọn ọmọdé lẹ ṣe fídíò fún, ẹ fara balẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé á fẹ́ tẹ `Yes, it's made for kids` ní kíá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 ni ìbéèrè yẹn ń sọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kọ́mẹ́ǹtì á tì pa, ọmọ ò ní lè béèrè ìbéèrè, kò sì ní lè fi fídíò náà sínú pléélísìtì tirẹ̀. Àwọn ọmọ SS3 tó ń múra WAEC ti kọjá ọjọ́ orí yẹn. Ti JSS1 lẹ máa rò dáadáa, torí òmíràn ò ju ọdún 11 lọ, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ níbẹ̀.

Fáìlì Wásáàpù: nóòtù PDF tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ò ní àkọlé kankan ju orúkọ fáìlì lọ. `DOC-20240311-WA0007.pdf` àti `Bearing_SS2_Maths_WAEC.pdf`, ẹ sọ èyí tí òbí á rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nínú fóònù tó kún fọ́fọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́

Ẹ lè yí àkọlé fídíò àtijọ́ padà, líǹkì rẹ̀ ò ní yí, iye èèyàn tó ti wò ó ò ní sọnù. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí `YouTube Studio`, ẹ wọ `Analytics`, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀nà táwọn èèyàn gbà wọlé, ẹ tẹ `YouTube search`. Á fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ gan-an hàn yín. Tó bá jẹ́ "bearing and distance" tàbí "back bearing" lẹ rí níbẹ̀, àkọlé yín ń bá ẹni tó yẹ sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé orúkọ yín nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì yín nìkan ló ń wò ó, bíi tèmi nígbà "Lesson 14". Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ń jáde, tí ọ̀pọ̀ bá ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ohun tẹ́ ẹ kọ síta kọ́ ni wọ́n bá nínú ilé. Ẹ má sì fi oṣù karùn-ún wé oṣù kẹjọ, torí tí May/June bá ti parí, òǹwòran á dín kù bó ti wù kí àkọlé dáa tó, ẹ ò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ni àbí ìgbà ló yí.

Mo yí orúkọ fídíò béárìn yẹn padà, mo sì fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá Odò-Ògbè. Lọ́jọ́ kejì ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ariwo ọjà ń dún lẹ́yìn rẹ̀: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ti ṣe é. 10 tó kọ bá ti yín mu, àmọ́ èkejì, 97 ló kọ, tiyín ní òdo níwájú, ó ní ìkan náà ni. Ṣé òótọ́ ló sọ?" Mo ní rárá o mà, ẹ ní kó fi òdo yẹn síwájú, kó padà sí 00:00 lọ wo ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́.